Ìdí tí fọ́tò tó mọ́ kedere lójú fóònù fi ń di bàìbàì lórí bánà

Lójú fóònù, ẹ̀rín ẹnu ẹni tó wà nínú fọ́tò náà mọ́ kedere, ẹyinjú rẹ̀ ń dán. Nígbà tí wọ́n tẹ̀ ẹ́ sórí bánà tó fẹ̀ ní mítà mẹ́ta, ṣe ló dà bíi pé inú omi lèèyàn ti ń wò ó. Ẹni tó tẹ̀ ẹ́ tàbí ẹ̀rọ rẹ̀ ni wọ́n sábà máa ń di ẹ̀bi rẹ̀ ru, bẹ́ẹ̀ nígbà púpọ̀ kò sóhun tó ṣe ẹ̀rọ náà. Wọ́n na fọ́tò náà kọjá agbára rẹ̀ ni. Ìṣirò kan wà tí kò gba ju ìṣẹ́jú kan lọ tó máa sọ èyí fún yín kí ẹ tó sanwó iṣẹ́, òun sì ni àlàyé yìí dá lé.

Àwọn igun mẹ́rin kéékèèké ló para pọ̀ di gbogbo fọ́tò tó wà nínú fóònù tàbí kọ̀ǹpútà. Píksẹ́lì là ń pe ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Àwọ̀ kan ṣoṣo ni píksẹ́lì kan ń ní. Irun kò sí nínú rẹ̀, ìlà kò sí nínú rẹ̀, àwọ̀ yẹn náà ni gbogbo ohun tó mọ̀. Bí wọ́n bá ní fọ́tò kan jẹ́ 1600 × 1200, píksẹ́lì 1600 ló tò láti òsì dé ọ̀tún, ìlà irú rẹ̀ 1200 ló sì wà láti òkè dé ìsàlẹ̀. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ 1,920,000. Ohun tó ń ṣi ọ̀pọ̀ èèyàn lọ́nà ni pé píksẹ́lì kò ní ìwọ̀n kankan tó jẹ́ tirẹ̀. Ẹ ò lè sọ pé mìlímítà báyìí ni. Ìgbà tí ẹ bá gbé fọ́tò sórí nǹkan kan, ìyẹn ojú fóònù, bébà tàbí bánà, ni píksẹ́lì rẹ̀ tó ń ní ìwọ̀n, nǹkan ọ̀hún ló sì ń pinnu bí ìwọ̀n náà ṣe máa tó.

Ẹ jẹ́ ká mú fọ́tò 1600 × 1200 yìí tọ̀nà. A kò ṣàdédé yan iye yẹn. Bí ẹnì kan bá fi fọ́tò ránṣẹ́ lórí WhatsApp lọ́nà tí gbogbo ayé ń gbà fi í ránṣẹ́, ètò náà sábà máa ń dín in kù títí apá tó gùn jù nínú rẹ̀ yóò fi wà ní nǹkan bí 1600. Nítorí náà, irú fọ́tò yìí ló ń dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ṣe dìsáìn bánà lójoojúmọ́.

Ká ní ojú fóònù kan fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà méje, ìyẹn mìlímítà 70. Bí fọ́tò wa bá kún un láti òsì dé ọ̀tún, píksẹ́lì 1600 ló ń pín mìlímítà 70 yẹn láàárín ara wọn. Ìpín ọ̀kọ̀ọ̀kan kò tó ìdá kan nínú ogún mìlímítà kan. Ọ̀pọ̀ fóònù tiẹ̀ wà tí ojú wọn kò ní ju píksẹ́lì 1080 lọ ní fífẹ̀, tó jẹ́ pé fóònù náà ń da lára píksẹ́lì fọ́tò nù kó tó lè gbé e jáde. Píksẹ́lì tó wà nílẹ̀ ti ju èyí tí wọ́n nílò lọ. Ṣe kò wá ní mọ́ kedere?

Ẹ wá gbé e sórí bánà mítà mẹ́ta. Mítà mẹ́ta jẹ́ mìlímítà 3000. Ẹ pín 3000 sí ọ̀nà 1600, ẹ ó rí 1.9, bí ẹ bá ká èyí tó ṣẹ́ kù mọ́ ọn. Píksẹ́lì kọ̀ọ̀kan ti fẹ̀ tó mìlímítà méjì ó dín díẹ̀. Ẹ mú rúlà, kí ẹ wo bí mìlímítà méjì ṣe tó lórí rẹ̀. Bí ojú ẹni tó wà nínú fọ́tò bá gba píksẹ́lì 300 ní fífẹ̀, ojú yẹn á fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 56 lórí bánà. Ìmọ́lẹ̀ kékeré tó ń tàn nínú ẹyinjú rẹ̀, tó jẹ́ píksẹ́lì mẹ́ta péré, á di àmì funfun kan tó fẹ̀ ní mìlímítà mẹ́fà tó dín díẹ̀. Irun ìpéǹpéjú rẹ̀ ńkọ́? Ó tín-ín-rín ju píksẹ́lì kan lọ, nítorí náà kò tiẹ̀ sí nínú fọ́tò yẹn rárá. Ojú fóònù kéré débi pé ẹni tó ń wò ó kò fura pé kò sí níbẹ̀.

Bí píksẹ́lì bá tóbi tó bẹ́ẹ̀, èèyàn lè rò pé igun mẹ́rin mẹ́rin la ó máa rí lórí bánà, bíi táìsì ilẹ̀. Ó máa ń rí bẹ́ẹ̀ nígbà míì. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ètò kọ̀ǹpútà ni kì í fi píksẹ́lì sílẹ̀ ní igun mẹ́rin bí wọ́n bá ń na fọ́tò. Ṣe ni wọ́n ń fi àwọ̀ àdàlù dí àárín. Ibi tí píksẹ́lì dúdú ti kan funfun, ètò náà á to eérú ṣíṣú, eérú àti eérú fẹ́ẹ́rẹ́ sáàárín àwọn méjèèjì. Etí irun orí tó yẹ kó gé ṣáká á wá di gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tó fẹ̀ tó mìlímítà mẹ́rin. Gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ yẹn gan-an lojú wa ń rí tí a fi ń sọ pé fọ́tò di bàìbàì. Kò sí ohun tó bàjẹ́ nínú fọ́tò náà. Àwọn ibi tí kámẹ́rà kò ní ohun kan láti sọ nípa rẹ̀ ni kọ̀ǹpútà fi àbá dí.

Ohun kejì wà tó máa ń bá a rìn. Fáìlì JPEG, tó jẹ́ pé òun ni ọ̀pọ̀ fọ́tò ń wà nínú rẹ̀, máa ń pín fọ́tò sí ìpín mẹ́jọ-mẹ́jọ píksẹ́lì lóòró àti ní ìbú, á sì fún ìpín kọ̀ọ̀kan pọ̀ kí fáìlì lè fúyẹ́. Bí wọ́n bá fún un pọ̀ jù, ojú àlà ìpín wọ̀nyí á hàn. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí àwọ̀ méjì ti yàtọ̀ síra gidi, bí etí lẹ́tà dúdú lórí funfun, ẹ ó tún rí ìdọ̀tí kéékèèké tó pagbo yí i ká bí kòkòrò ṣe ń yí iná ká lálẹ́. Lójú fóònù, kò sẹ́ni tó ń rí wọn. Lórí bánà wa, ìpín kan á fẹ̀ tó mìlímítà 15. Gbogbo ìgbà tí wọ́n bá sì tún fọ́tò ṣe tí wọ́n tún tọ́jú rẹ̀ pa mọ́ sí JPEG ni ó ń pàdánù díẹ̀ sí i. Fọ́tò tí èèyàn márùn-ún ti tún ṣe, tí wọ́n sì tọ́jú pa mọ́ léraléra, ti rí nǹkan.

Síbẹ̀, bánà ńláńlá wà lójú títì tí píksẹ́lì wọn tóbi ju mìlímítà méjì lọ, tí ẹnikẹ́ni kò sì ráhùn. Ibi tí ẹni tó ń wò ó dúró sí ló fà á. Ojú tó ríran dáadáa kò lè ya nǹkan méjì sọ́tọ̀ bí àlàfo àárín wọn kò bá tó ìdá kan nínú ọgọ́ta dígírì kan. Ẹ má jẹ́ kí dígírì yẹn dẹ́rù bà yín, ó ṣeé sọ ní kúkúrú: ẹ mú bí píksẹ́lì kan ṣe fẹ̀ ní mìlímítà, ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po 3.4, iye tó bá jáde ni mítà tí èèyàn gbọ́dọ̀ fi jìnnà kí píksẹ́lì yẹn tó pòórá mọ́ ọn lójú.

Fún bánà wa, 1.9 lọ́nà 3.4 jẹ́ 6.5 ó dín díẹ̀. Bí wọ́n bá gbé e kọ́ sókè ilé alájà méjì, tó jẹ́ pé ojú títì lódì kejì ni wọ́n ti ń wò ó, fọ́tò 1600 yẹn á jẹ́ iṣẹ́ tirẹ̀ láìsí wàhálà. Bó bá jẹ́ ẹ̀yìn àlejò ni wọ́n fẹ́ ta á sí, níbi tí àwọn èèyàn á ti máa dúró ya fọ́tò ní mítà méjì sí i, àṣírí á tú.

Ìṣirò yìí kan náà ló ń sọ ibi tí 300 tí gbogbo ènìyàn ń kà lórí ti wá. Àwọn atẹ̀wé máa ń béèrè fún píksẹ́lì 300 nínú íǹṣì kan. Íǹṣì kan jẹ́ mìlímítà 25.4; ẹ pín in sí ọ̀nà 300, píksẹ́lì kan á jẹ́ mìlímítà 0.085. Ẹ sọ ìyẹn di ìlọ́po 3.4, ẹ ó bọ́ sí mítà 0.29. Nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 29 nìyẹn, bí èèyàn ṣe ń gbé ìwé sójú kà. Nítorí náà, 300 jẹ́ iye tó bá ohun tí wọ́n ń mú lọ́wọ́ mu: ìwé pélébé, káàdì ìpè, èèpo ẹ̀yìn ìwé. Ẹni tó bá ní kí ẹ mú 300 wá fún bánà mítà mẹ́ta ń béèrè fọ́tò tó ju píksẹ́lì 35,000 lọ ní fífẹ̀, kámẹ́rà tó wà lọ́wọ́ yín kò sì lè ya irú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Fún bánà tí wọ́n á sún mọ́, 100 nínú íǹṣì kan ti tó o. Fún èyí tó wà lókè, 30 tàbí 20 pàápàá lè tó. Ẹ má sì fi iye yìí pe 720 tàbí 1440 tí wọ́n ń kọ sára ẹ̀rọ ìtẹ̀wé o. Ẹ̀kán yíǹkì ni wọ́n ń kà níbẹ̀, ẹ̀kán púpọ̀ ló sì ń para pọ̀ gbé àwọ̀ píksẹ́lì kan jáde.

Ọ̀rọ̀ 300 yìí ló bí àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù lọ. Atẹ̀wé á ní, "Fáìlì yín wà ní 72, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ ọ́ di 300." Ẹni tó ni í á ṣí Photoshop, á lọ sí Image > Image Size, á pa 72 rẹ́, á kọ 300, á rò pé òun ti ṣe é. Ohun méjì ló lè ṣẹlẹ̀ níbẹ̀. Bí wọn kò bá fàmì sí Resample, ìyẹn ibi tó ń gbà kí iye píksẹ́lì yí padà, kò sí píksẹ́lì kan tó yí padà. 1600 × 1200 ló ṣì jẹ́. Ìwé àkíyèsí tó wà nínú fáìlì nìkan ni wọ́n yí, tó ń sọ pé bí wọ́n bá fẹ́ tẹ fọ́tò yìí, kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ ní sẹ̀ǹtímítà 13.5. Gbàrà tí wọ́n bá tún nà án di mítà mẹ́ta, ìwé àkíyèsí yẹn ti di àkísà.

Bó bá jẹ́ pé wọ́n fàmì sí Resample, tí wọ́n sì kọ mítà mẹ́ta sí fífẹ̀ rẹ̀ ní 300, fáìlì á wú rẹ́kẹrẹ̀kẹ, kọ̀ǹpútà á máa mí hẹlẹ. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá ṣírò rẹ̀, nínú ẹgbẹ̀rún kan píksẹ́lì tó wà nínú fáìlì tuntun yẹn, nǹkan bíi méjì péré ni kámẹ́rà rí. Àbá kọ̀ǹpútà ni 998 yòókù. Bí fáìlì ṣe wúwo tó kò fi hàn pé ohun gidi wà nínú rẹ̀.

Iye 72 fúnra rẹ̀ kò yẹ kó dẹ́rù ba ẹnikẹ́ni. Ojú kọ̀ǹpútà Macintosh tó jáde ní 1984 ní píksẹ́lì 72 nínú íǹṣì kan, ibẹ̀ ni àṣà pé "72 ni ti íńtánẹ́ẹ̀tì" ti gbilẹ̀. Lónìí, ètò tí ẹ fi ń ṣí ìkànnì kì í tilẹ̀ wo iye yẹn. Ẹ gbé fọ́tò kan náà sí ìkànnì lẹ́ẹ̀mejì, kí ọ̀kan ní 72, kí èkejì ní 300, ìwọ̀n kan náà ni wọ́n á jọ jáde. Iye píksẹ́lì ni ìkànnì ń wò. Bí àyè tí fọ́tò máa gbà lójú ìwé bá fẹ̀ tó 800, fọ́tò 1600 á mọ́ kedere níbẹ̀, títí kan orí àwọn fóònù tí píksẹ́lì wọn há mọ́ra ní ìlọ́po méjì. Ohun tó bá ju ìyẹn lọ kàn ń jẹ dátà ẹni tó ń ṣí i ni. Ìdí rèé tí fọ́tò tí ẹ bá fà jáde láti ìkànnì fi máa ń kéré: wọ́n ti mọ̀ọ́mọ̀ dín in kù kó lè yára ṣí.

Lógò ló máa ń jìyà èyí jù. Ẹ fa lógò tó fẹ̀ ní píksẹ́lì 200 jáde láti ìkànnì, ẹ fi í sí sẹ̀ǹtímítà 60 lórí bánà, píksẹ́lì kan á di mìlímítà mẹ́ta. Èèyàn gbọ́dọ̀ fi mítà mẹ́wàá jìnnà sí i. Ojú sì máa ń foríji fọ́tò èèyàn ju lẹ́tà lọ: bí etí ẹ̀rẹ̀kẹ́ bá rọ̀ díẹ̀, kò sẹ́ni tó kà á sí, ṣùgbọ́n bí etí lẹ́tà bá rọ̀, kíá ni gbogbo èèyàn á ti rí i. Oògùn rẹ̀ ni pé kí ẹ béèrè lógò náà ní fáìlì SVG, AI ti Adobe Illustrator, tàbí PDF lọ́wọ́ ẹni tó yà á. Irú fáìlì bẹ́ẹ̀ kò ní píksẹ́lì. Ó ń sọ fún ẹ̀rọ pé "fa ìlà láti ibí dé ọ̀hún, kí o tẹ̀ ẹ́ kọdọrọ báyìí," bí wọ́n bá sì nà án dé ibi tó wù wọ́n, ẹ̀rọ á tún ìlà náà fà ni. Àmọ́, ẹ ṣọ́ra o, ẹlòmíì á fi fọ́tò lógò sínú PDF, á ní PDF nìyẹn. Ẹ sún un mọ́ra títí dé 6400%: bí etí rẹ̀ bá ṣì gé ṣáká, ojúlówó ni, bó bá di igun mẹ́rin mẹ́rin tàbí bàìbàì, fọ́tò tó wọ ẹ̀wù PDF ni. Bákan náà, inú ètò tí wọ́n fi ń to bánà ni kí wọ́n ti tẹ ọ̀rọ̀ orí bánà, kí wọ́n sì fi ránṣẹ́ ní PDF, kí wọ́n má ṣe sọ gbogbo rẹ̀ di JPEG kan ṣoṣo.

Fún fọ́tò, ibi tí ẹ ti máa kọ́kọ́ wá àtúnṣe ni ọ̀dọ̀ ẹni tó yà á. Fọ́tò 1600 tó dé ọwọ́ yín, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ 4000 × 3000 nínú fóònù tó yà á. Ẹ ní kó fi ránṣẹ́ bí Document dípò fọ́tò, kí ètò náà má bàa dín in kù. Ní 4000, píksẹ́lì kan lórí bánà wa á jẹ́ mìlímítà 0.75, mítà méjì àbọ̀ sì ti tó fún ẹni tó ń wò ó. Ẹ má gba èyí tí wọ́n yà láti ojú fóònù, ìyẹn screenshot, o, nítorí iye píksẹ́lì tí ojú fóònù ní ló máa ní, bó ti wù kí fọ́tò àkọ́kọ́ tóbi tó. Bó bá jẹ́ fọ́tò bébà àtijọ́ ló wà nílẹ̀, tó jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 15 lóròó, kí wọ́n fi ẹ̀rọ yà á sínú kọ̀ǹpútà ní 600 nínú íǹṣì kan, ẹ ó rí nǹkan bí 3500.

Kí ẹ tó yọ̀ pé 4000 lẹ ní, ẹ wo iye tí ẹ fẹ́ lò nínú rẹ̀. Nínú fọ́tò tí èèyàn mẹ́wàá dúró sí, ẹnì kan lè má gbà ju 400 lọ ní fífẹ̀. Bí ẹ bá gé òun nìkan jáde, 400 yẹn lẹ ní lọ́wọ́, kì í ṣe 4000. Fọ́tò tí ọwọ́ gbọ̀n nígbà tí wọ́n yà á náà wà lọ́tọ̀: ó ti di bàìbàì látilẹ̀wá, kò sí iye píksẹ́lì tó lè gbà á.

Bí kò bá sí òmíràn lóòótọ́, ẹ dín àyè rẹ̀ kù. Dípò kí fọ́tò 1600 náà gba gbogbo mítà mẹ́ta, ẹ fún un ní sẹ̀ǹtímítà 80 lápá kan, kí ẹ fi àwọ̀ gbalaja àti ọ̀rọ̀ kún ìyókù. Píksẹ́lì á di mìlímítà 0.5, mítà 1.7 á sì tó. Ọ̀pọ̀ bánà tó rẹwà jù lọ ló jẹ́ pé bí wọ́n ṣe tò ó nìyẹn.

Ẹni tí ìṣirò kò bá sì tẹ́ lọ́rùn lè fi ojú ara rẹ̀ rí i kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́. Bébà A4 tó dùbúlẹ̀ fẹ̀ ní mìlímítà 297, ó sì ga ní 210. Lórí bánà tí píksẹ́lì rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 1.875, bébà yẹn á gba píksẹ́lì 158 lọ́nà 112. Ẹ gé ìwọ̀n yẹn jáde láti ibi ojú àti imú ẹni tó wà nínú fọ́tò náà, ẹ tẹ̀ ẹ́ kó kún bébà náà, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ilé ti tó. Ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri. Ẹ wá fi ẹsẹ̀ wọn mítà sẹ́yìn títí dé ibi tí àwọn tó máa wo bánà yóò dúró sí, kí ẹ yíjú padà wò ó. Bó bá ṣe rí lójú yín níbẹ̀ ni bánà á ṣe rí.